Òpó ilẹ̀kùn tẹ̀ bí ọrun lẹ́yìn tí mo fi Liquify inú Photoshop dín ìbàdí màmá kù. Ẹ gbà mí o!

Ajílété Fọ́tò (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya màmá kan fún ọjọ́ ìbí 60 ọdún ní ilé wọn, kò jìnnà sí Tákié. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Wọ́n wọ léèsì, wọ́n gbé ìpèlé aṣọ òkè lé èjìká, wọ́n fi ọwọ́ òsì di òpó ilẹ̀kùn mú, ìbàdí wọn sì fara ti òpó náà. Apá ọ̀tún wọn jẹ́ ògiri lásán, wọ́n kùn ún ní funfun ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n bá àwọn fá ẹ̀gbẹ́ díẹ̀.

Mo ṣí Liquify, mo mú Forward Warp, búrọ́ọ̀ṣì tó ń ti nǹkan kúrò níbi tó wà, mo fa òsì wọlé, mo fa ọ̀tún náà wọlé. Ó dùn lójú mi. Mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọmọ wọn ọkùnrin ò tiẹ̀ wo ìyá rẹ̀ rárá. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bọ̀dá, ṣé ilé wa fẹ́ wó ni?" Ìgbà tí mo wá wò ó dáadáa, òpó ilẹ̀kùn ti tẹ̀ wọnú níbi ìbàdí bí ọrun ọdẹ, ìlà táìlì ilẹ̀ náà sì ti wọ́.

Wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ ní ínǹṣì 16 sí 20, Sátidé yìí ni wọ́n sì ń retí rẹ̀. Píksẹ́lì 4000 ni ìbú fọ́tò náà, gíga rẹ̀ jẹ́ 6000. Mo ti ṣiṣẹ́ ojú àti gèlè lórí rẹ̀ tán, mi ò fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ojúlówó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Sàbó Píksẹ́lì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìyẹn ò le. Freeze Mask! Nínú Liquify, tẹ F, kí o kun gbogbo ilẹ̀kùn àti ògiri ní pupa títí dé etí ara màmá gangan. Ohun tó bá ti pupa kò ní mì. Kí o wá fà á bó o ṣe fẹ́. Ó tán.

Orobo Ọmọ Ọ̀yọ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyá ọlọ́jọ́ ìbí ṣe fún yín tí ẹ fi ń gé e? Bí wọ́n bá ya èmi, tí wọ́n wá gbé pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan wá fún mi, mi ò ní sanwó. Ẹni tí mo lò ọdún méjì láti di ni ẹ fẹ́ fi ìṣẹ́jú márùn-ún pa rẹ́.

Ajílété Fọ́tò

Àǹtí, àwọn ló bẹ̀ mí o! Èmi ò lè dédé fọwọ́ kan ara ẹni tí kò rán mi níṣẹ́.

Bọ̀dá Sàbó, mo ti ṣe é bẹ́ ẹ ṣe wí. Òpó dúró ṣánṣán lóòótọ́, àmọ́ ìbàdí náà ò kúrò níbi tó wà. Léèsì tó wà létí rẹ̀ ló ń fà bí gọ́ọ̀mù, àwọn ihò òdòdó ara rẹ̀ di gígùn bí ìrẹsì. Mo tún fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàrin ibi pupa àti ara, ibi àlàfo yẹn ló wá fà.

Ìyá Dákúrúùmù (Ọ̀yọ́, Òwódé)

Ọmọ mi, o kú ìdààmú. Kí n tó sọ̀rọ̀: báwo lo ṣe fẹ búrọ́ọ̀ṣì náà tó, kí ni Pressure rẹ̀, mélòó lo sì fà á wọlé?

Ajílété Fọ́tò

Ẹ ṣé mà. Size 700, Pressure 100. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fà á lápá kọ̀ọ̀kan, bí píksẹ́lì 60. Ìbàdí náà látòsì dé ọ̀tún jẹ́ 640.

Ìyá Dákúrúùmù

Nígbà náà, 120 lo yọ nínú 640. Ó súnmọ́ ìdá márùn-ún ara rẹ̀. Wọ́n ní kí o fá ẹ̀gbẹ́ ni, iṣẹ́ abẹ lo ṣe. Ní ìwọ̀n fọ́tò yìí, èmi ò ní yọ ju 15 lọ lápá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 30 nínú 640. Kò tó ìdá ogún. Ẹni tó mọ màmá yẹn yóò rí i pé wọ́n rẹwà, kò ní mọ ìdí rẹ̀.

Ní ti ohun tí Sàbó sọ, àbọ̀ ni. Liquify kì í gé nǹkan kan kúrò. Fọ́tò náà dà bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì tí wọ́n fi ìṣó kan etí rẹ̀ yíká. Bí o bá fa ìbàdí wọlé, àyè tó fi sílẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣófo, nítorí náà ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa fà láti dí i. Bí òpó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òpó ló máa fà. Freeze Mask kàn ń fi ìṣó kún ìṣó ni. Bí o bá kan ìṣó náà mọ́ etí ara, kò sí aṣọ kankan mọ́ tó lè fà, àfi léèsì. Ohun tí ojú rẹ rí nìyẹn.

Lápá ọ̀tún, Sàbó gba ọ̀nà. Ògiri lásán ló wà níbẹ̀. Jẹ́ kí ibi pupa jìnnà sí ara tó 300, kí o kun ìlà táìlì ilẹ̀ náà pupa, kí o wá fa 15. Ohun tó jẹ́ 300 tẹ́lẹ̀ di 315, kò sẹ́ni tí ojú rẹ̀ mú un lára ògiri tí kò ní àpẹẹrẹ. Bí àlàfo náà bá jẹ́ 40 péré, 40 á di 55, hóró-hóró inú ògiri á sì di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Iye kan náà lo fà, àyè tí o fún un ló yàtọ̀.

Lápá òsì, níbi tí ara ti fẹnu ko òpó, kò sí ìwọ̀n tí o máa fi kun pupa tó máa gbà ọ́. Ọ̀nà mìíràn ni. Mò ń bọ̀, oníbàárà wọlé.

Àbẹ̀kẹ́ (Ọ̀yọ́)

Ohun tó ń ṣe èmi náà rèé! Fóònù ni mo fi yà, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì sì tẹ̀ síta lápá méjèèjì bí àgbá. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí Liquify yẹn wà. Ṣé kí n gbà á sórí fóònù ni?

Ọmọ Fíngbá (Ọ̀yọ́, Akẹ̀sán)

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, tiyín yàtọ̀. Ojú kámẹ́rà ló ṣe tiyín. Ẹ súnmọ́ jù, ẹ sì lo ojú tó fẹ̀ jù nínú àwọn ojú fóònù náà. Ẹ sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ bíi mẹ́rin, kí ẹ lo ojú àárín. Ti èyí tí ẹ ti yà, bí ẹ bá ní Camera Raw tàbí Lightroom, ẹ lọ sí Optics tàbí Lens Corrections, kí ẹ tan Profile Corrections. Ẹ ṣe ìyẹn kí ẹ tó fọwọ́ kan ara ẹnikẹ́ni o, torí bí ẹ bá kọ́kọ́ fa ara, tí ẹ wá tọ́ ilẹ̀kùn, ara tí ẹ fà á tún yí padà.

Ajílété, èmi, gbogbo ara ni mo máa ń gé jáde. Photoshop CS6 ni mò ń lò látọjọ́ yìí. Mo fi Pen Tool yí màmá ká látorí gèlè dé bàtà, mo gbé wọn sórí léyà tiwọn, mo fi Clone Stamp dí ihò tó wà lẹ́yìn, mo wá ń fa léyà màmá nìkan. Ilé ò lè mì, torí ilé ò sí nínú rẹ̀. Bíi kí a fín igbá ni, ẹni tó bá kánjú lọ́bẹ rẹ̀ á yọ̀.

Ìyá Dákúrúùmù

Mo ti dé. Fíngbá, ọ̀nà rẹ dára, àmọ́ iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni fún ọmọ tó ní títí Sátidé. Etí gèlè tó rí wúruwùru yẹn nìkan á jẹ ẹ́ níyà, kò sì nílò àtidí ẹ̀yìn gbogbo ara. Ẹ wo ohun tí a nílò gan-an: ìbàdí máa wọlé pẹ̀lú píksẹ́lì 15. Nítorí náà, ohun tí a kò rí tẹ́lẹ̀ tí a máa wá rí ò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ní 15 lọ. Gbogbo ilé yòókù wà nínú ojúlówó fọ́tò rẹ, ó nà gbọnrangandan, ó wà níbi tó yẹ kó wà. Kí ni a fẹ́ tún un kọ́ fún?

Ajílété, ṣe é báyìí. Léyà tí o ti ṣiṣẹ́ ojú lórí rẹ̀, tí o kò tíì fà, tẹ Ctrl+J láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Má fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀ mọ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Ti òkè ni kí o gbé wọ Liquify. Má kun nǹkan kan ní pupa lápá òsì. Lo Forward Warp tó fẹ̀ bí ìdajì ìbàdí, bíi 350, Pressure 20. Fi àárín búrọ́ọ̀ṣì náà sínú ara, kí ó má ṣe jókòó lórí etí, kí o wá ti í wọlé díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, láti abẹ́ ìgúnpá dé òkè itan. Òpó máa tẹ̀. Jẹ́ kó tẹ̀.

Tẹ OK. Fún léyà òkè yìí ní Layer Mask. Mú búrọ́ọ̀ṣì dúdú, kun orí òpó. Ojúlówó tó wà nísàlẹ̀ á yọ, òpó á sì nà bó ṣe wà, torí kò fìgbà kan kúrò níbẹ̀. Kun ìlà táìlì náà bẹ́ẹ̀. Máa bọ̀ wálẹ̀ títí o fi dé ìbàdí. Níbẹ̀ lo máa rí i: bí o bá kun dé etí ìbàdí tuntun, ìbàdí àtijọ́ á yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé màmá ní ìbejì lẹ́yìn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ 15 tí mo wí nìyẹn. Ibẹ̀ nìkan la máa fọwọ́ kọ́.

Lọ sórí léyà ìsàlẹ̀. Fi Rectangular Marquee yan òpó lókè ìgúnpá, níbi tí kò ti sí nǹkan tó bò ó, kí o jẹ́ kó ga ju ibi tí ìbàdí bò lọ díẹ̀. Má mú ibi tí ìṣó tàbí ìdè ilẹ̀kùn wà, torí bí ìdè méjì bá jọra lórí òpó kan, ojú ènìyàn á mú un. Ctrl+J. Òpó kékeré yìí á jókòó sáàárín léyà méjèèjì. Mú Move Tool, di Shift mú, kí o fà á sísàlẹ̀ bo ìbàdí àtijọ́. Shift yẹn ni kò ní jẹ́ kó yà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Nǹkan méjì ló máa ń tú àṣírí níbẹ̀. Àkọ́kọ́, òpó inú fọ́tò kì í sábà dúró ṣánṣán, torí ọwọ́ tó di kámẹ́rà mú ò dúró ṣánṣán. Bí etí òpó kékeré náà bá yàgò fún ti ìsàlẹ̀ níwọ̀n píksẹ́lì kan tàbí méjì, tẹ Ctrl+T, kí o yí i díẹ̀ títí wọn á fi bára mu. Èkejì ni ìmọ́lẹ̀: òpó máa ń mọ́lẹ̀ lókè, ó máa ń ṣú nísàlẹ̀, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tó ní òjìji. Gbé Curves lé òpó kékeré náà nìkan, kí o fà á wálẹ̀ títí tí o ò fi ní mọ ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Lẹ́yìn náà, fi búrọ́ọ̀ṣì tó kéré, tí Hardness rẹ̀ tó 75, kun másìkì òkè dé etí ìbàdí tuntun gan-an. Bí etí náà bá rọ̀ ju etí léèsì yòókù lọ, á dà bí ẹni pé wọ́n fi èéfín yí màmá ká.

Sàbó Píksẹ́lì

Mo gba ti òpó, mà. Àmọ́ kí ló dé tí ẹ fi ní búrọ́ọ̀ṣì 350? Èmi, 80 ni mo máa ń lò, kó má bàa kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Dákúrúùmù

Wo etí ara àwọn tí o fi 80 ṣe. Ó máa ń rí gbágungbàgun bí ẹ̀bá tí ọmọdé bù, torí ibi kọ̀ọ̀kan tí o ti tì í ni yóò ní kòtò tirẹ̀. Màmá yìí sì gbé aṣọ òkè lé èjìká. Ìlà aṣọ òkè tààrà ni. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré á mú kí ìlà náà máa jó bí ejò. Eléyìí tó fẹ̀ á gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ ní jẹ́jẹ́. Torí pé másìkì máa dá ilẹ̀kùn padà ni mo ṣe láyà láti lo èyí tó fẹ̀.

Sàbó Píksẹ́lì

Hmm. Èmi á ṣì máa lo Freeze Mask mi ṣá o, ó yára ju másìkì lọ.

Ọmọ Fíngbá

Mo rí ọgbọ́n ìlà 15 yẹn, Màmá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fọ́tò ẹbí, ẹni mẹ́fà tó tò níwájú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, èmi á ṣì gé wọn jáde. Òpó gbígbẹ́ kò ní ibi kan tó jọ ibòmíì tí a lè yá wá bo ìsàlẹ̀.

Ìyá Dákúrúùmù

Òótọ́ ni. Lára òpó gbígbẹ́, èmi kì í fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ tó kàn án rárá. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo máa ń fà, kí n fi kún un díẹ̀.

Ọmọ Fíngbá

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo? Ìbàdí á dagun o, Mà.

Ìyá Dákúrúùmù

Bí ó bá kọjá 20, á dagun. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dúró.

Ajílété, kí o tó tẹ̀ ẹ́, yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣe ẹ̀dà léyà tí o kò fà, gbé e sókè pátápátá, yí Blending Mode rẹ̀ sí Difference. Gbogbo ibi tí nǹkan kan ò yí padà á dúdú kirimú. Ibi tí nǹkan ti sún á tàn bí iná. Etí ara gbọ́dọ̀ tàn, ìyẹn kò burú. Òpó àti táìlì kò gbọ́dọ̀ tàn, àfi ibi tí o lẹ òpó kékeré mọ́. Ti ibi tí o lẹ̀ yẹn, ìwà bíríkìlà la máa hù: ṣí léyà òfìfo, fi búrọ́ọ̀ṣì pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ ẹ̀ẹ̀kan ní etí òpó lókè, di Shift mú, tẹ ẹ̀ẹ̀kan nísàlẹ̀. Ó máa fa ìlà tààrà láàrin wọn bí okùn. Bí etí òpó bá yẹ̀ fún okùn náà níbikíbi, ibẹ̀ ló kù. Fóònù ò ní fi hàn ọ́. Lára ògiri ní ínǹṣì 20, á hàn.

Orobo Ọmọ Ọ̀yọ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Mo ti gbà pé màmá náà bẹ̀ yín. Àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè bóyá apá náà wà nínú ẹ̀bẹ̀ o, torí ẹ kàn máa ń bẹ̀rẹ̀ síbi kan ni, ẹ ò mọ ibi tí ẹ máa dúró.

Ajílété Fọ́tò (Ọjọ́ Ẹtì, alẹ́)

Ẹ kú àánú mi o. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lórí iṣẹ́ yìí, Ctrl+S ló yọ mí.

Òpó ti nà. Difference fi hàn pé táìlì dúdú, àtẹ́rígbà dúdú. Ibì kan ló tàn tí n kò retí: ìka ọwọ́ òsì màmá. Búrọ́ọ̀ṣì mi ti gbé apá wọn pẹ̀lú ìbàdí, ọwọ́ tó di òpó mú sì ti sún bíi píksẹ́lì 5. Ìgbà tí mo wá fi másìkì dá òpó padà, ìka kan di ìka àbọ̀. Mo kun ọwọ́ náà ní dúdú kí ti àtijọ́ lè yọ, ẹ̀gbà ọwọ́ wọn wá di méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Wákàtí kan ni mo fi ń wo ẹ̀gbà.

Ìyá Dákúrúùmù

Àṣìṣe tèmi ni ìyẹn, ó yẹ kí n sọ fún ọ. Apá tó bá di nǹkan mú kò gbọ́dọ̀ sún. Ibí gan-an ni Freeze Mask ti Sàbó wúlò: kun apá náà láti ìgúnpá dé ìka kí o tó fà. Àlàfo tó wà láàrin apá àti ara máa gbòòrò díẹ̀, ìyẹn náà sì ń mú kí ìbàdí dà bí ẹni tó kéré sí i.

Sàbó Píksẹ́lì

Ẹ gbọ́ o, ẹ gbọ́ o! Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ajílété Fọ́tò

Mo ti tún un fà, apá pupa, ìbàdí 15. Ẹ̀gbà ti padà di ọ̀kan. Mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn. Ó ní, "Ilé ti dúró." Màmá fúnra wọn ní ó dára, àmọ́ wọ́n rò pé n kò tíì fá nǹkan kan. Wọ́n ní kí n fá díẹ̀ sí i. Kí n ṣe é ni àbí kí n fi méjèèjì hàn wọ́n?

Orobo Ọmọ Ọ̀yọ́

Mo ti sọ ọ́!

Ìyá Dákúrúùmù

Fi méjèèjì hàn wọ́n, èyí tí o kò fà àti ti ìsinsìnyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá ṣì fẹ́ sí i, 5 péré ni kí o fi kún un, kí o sì tún òpó kékeré náà wò, torí ìlà tí o bò ti fẹ̀ sí i nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ má bínú, ìbéèrè kan ló kù. Ìyàwó kan wà tí mo yà níwájú dígí ńlá ní ilé ìṣerun. Bí mo bá fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tó wà nínú dígí ńkọ́?

Ọmọ Fíngbá

Dígí kẹ̀? Ẹ fà á nígbà kejì nìyẹn o, nínú dígí. Èmi ti ṣe é rí, mi ò rí i kí ó bára mu.